Bí a ṣe lè dá òdòdó ibísíkúsì mọ̀ yàtọ̀ sí òdòdó olóró



Ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Àjàṣẹ́ àti ní àwọn abúlé tó yí wọn ká, ẹ máa ń rí òdòdó tí wọ́n gbìn fún ẹwà. Ẹ máa ń rí i lára ọgbà, níwájú ilé ìwé, àti níwájú ilé ìwòsàn. Àwọn ọmọdé máa ń já a fi ṣeré. Wọ́n máa ń fi í sí irun, wọ́n sì máa ń fa omi dídùn tó wà ní ìdí rẹ̀ mu. Àwọn àgbà míì máa ń já èyí tó pupa, wọ́n á sè é mu bí ẹni mu bísápù.

Ọ̀kan nínú àwọn òdòdó wọ̀nyí ni ibísíkúsì. Ibísíkúsì kò ní oró. Ṣùgbọ́n nínú ọgbà kan náà, òdòdó mìíràn lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí àwọn elédè Faransé ń pè ní lọ́ríyé-róòsì. Èyí ní oró tó ń mú ọkàn ènìyàn, ó sì lè pa ọmọdé àti àgbà. Òdòdó méjèèjì lè pupa. Méjèèjì lè funfun. Méjèèjì lè ní ewé òdòdó márùn-ún.

Nítorí náà, àwọ̀ kò lè sọ èyí tó jẹ́ ibísíkúsì fún yín. Ohun tó wà láàárín òdòdó ni yóò sọ ọ́. A óò kọ́ bí a ṣe ń wò ó.

1. Ẹ kọ́kọ́ lọ wo òdòdó ilá

Ẹ má tíì lọ sí ibi òdòdó ẹwà. Ẹ lọ sí oko ilá yín ní òwúrọ̀. Ó yẹ kí ó jẹ́ òwúrọ̀, nítorí pé òdòdó ilá kì í ju ọjọ́ kan lọ. Ó máa ń là ní àárọ̀, tó bá sì di ìrọ̀lẹ́, ó ti rọ.

Ẹ já òdòdó kan tó là dáadáa, kí ẹ sì dì í mú ní igi rẹ̀. Ẹ wo àwọn ewé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ní àwọ̀. Àwọn ni a ń pè ní ewé òdòdó. Ẹ kà wọ́n: márùn-ún ni. Wọ́n pọ́n díẹ̀ bí ìyeyè, ìdí wọn sì pupa dúdú. Ẹ fi ìka ya ọ̀kan kúrò lára èkejì. Ẹ óò rí i pé wọn kò lẹ̀ mọ́ ara wọn. Ọ̀kan kàn gun orí èkejì díẹ̀ ni, bí koríko orí àtíbàbà.

Nísisìnyí, ẹ wo àárín. Ẹ óò rí ohun kan tó dúró ṣánṣán bí òpó kékeré. Lára òpó náà, àwọn okùn wẹ́wẹ́ yọ jáde, orí okùn kọ̀ọ̀kan sì ní lẹ́búlẹ́bú. Tí ẹ bá fi ìka kàn án, lẹ́búlẹ́bú náà yóò mọ́ yín lọ́wọ́. Lókè pátápátá, ní ṣóńṣó òpó, ẹ óò rí àwọn orí kéékèèké tó pupa dúdú.

Àwọn okùn oní-lẹ́búlẹ́bú ni akọ òdòdó. Àwọn orí kéékèèké tó wà lókè ni abo. Tí lẹ́búlẹ́bú bá dé orí abo, bóyá oyin ló gbé e débẹ̀ tàbí ó kàn án fúnra rẹ̀, ìgbà náà ni ilá yóò so.

Nínú ọ̀pọ̀ òdòdó, okùn akọ kọ̀ọ̀kan dá dúró fúnra rẹ̀. Ti ilá kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ìsàlẹ̀, gbogbo okùn akọ ti so pọ̀, wọ́n sì di ọ̀kan ṣoṣo. Wọ́n dà bí àkọ̀ tí a ki ọ̀bẹ bọ̀. Abo ni ó wà nínú àkọ̀ náà bí ọ̀bẹ, orí rẹ̀ nìkan ló yọ lókè. Òpó yìí ni àmì tí a ń wá. Ẹ rántí rẹ̀ dáadáa.

2. Ibísíkúsì jẹ́ ìbátan ilá

Ẹ mú òdòdó ibísíkúsì kan wá, kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ti ilá. Ewé òdòdó rẹ̀ tóbi ju ti ilá lọ, àwọ̀ rẹ̀ sì lè jẹ́ pupa, funfun, ìyeyè tàbí àwọ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹ kà wọ́n: márùn-ún náà ni. Ẹ wo àárín: òpó náà ni. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé òpó ti ilá kúrú, ó sì fara pamọ́ sínú òdòdó. Ti ibísíkúsì tí a ń gbìn sí ọgbà gùn, ó sì sábà máa ń yọ kọjá ewé òdòdó bí ahọ́n tí ọmọdé yọ síta. Àwọn okùn akọ pọ̀ sí apá òkè òpó náà. Ní ṣóńṣó rẹ̀, ó pín sí ẹ̀ka kúkúrú márùn-ún, orí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sì rí roboto.

Ẹ yí òdòdó náà padà, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Ẹ óò rí ago kan tó ní àwọ̀ ewé, tí ẹnu rẹ̀ ní eyín márùn-ún. Ní ìdí ago yìí, ẹ óò tún rí àwọn ewé tín-ín-rín kan tó yí i ká. Ó dà bí ẹni pé ago náà jókòó sínú òṣùká. Àmì kejì nìyí: ago, àti òṣùká lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ óò rí àmì kejì yìí lára òwú pẹ̀lú. Òṣùká ti òwú jẹ́ ewé ńlá mẹ́ta tí etí wọn ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ẹ óò rí i lára ìṣápá náà. Tí òdòdó ìṣápá pupa bá ti rẹ̀, ago rẹ̀ àti òṣùká rẹ̀ á wú, wọ́n á sì nípọn. Àwọn ni a máa ń ká, tí a ń sá sí oòrùn, tí a sì ń sè fún bísápù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ewé òdòdó ni bísápù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ago ni.

Lára ilá fúnra rẹ̀, ẹ lè má rí òṣùká nígbà tí òdòdó bá ti là, nítorí pé ó tètè máa ń já bọ́. Ẹ wo èyí tí kò tíì là, ẹ óò rí i.

Ohun kan tún wà tí ẹ lè rí nílẹ̀ láì já òdòdó kankan. Tí ibísíkúsì bá rọ tó sì bọ́ sílẹ̀, ewé òdòdó márààrún àti òpó máa ń bọ́ papọ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ òpó náà ni ewé òdòdó lẹ̀ mọ́. Ago lè ṣẹ́ kù sórí igi.

3. Lọ́ríyé-róòsì kò ní òpó

Nísisìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo èyí tó ní oró. Ẹ má fi ọwọ́ fọ́ ọ, ẹ má sì fi ẹnu kàn án. Ojú ni kí ẹ fi wò ó.

Tí ẹ bá wo òdòdó lọ́ríyé-róòsì láti òkè, ẹ óò rí ewé márùn-ún. Ìdí nìyí tó fi ń tan ènìyàn jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Òkè nìkan ni ewé márààrún ti yà. Ní ìsàlẹ̀, gbogbo wọn ti lẹ̀ pọ̀, wọ́n sì di ọ̀pá oníhò kan bí ojú àrọ tí a fi ń rọ epo sínú ìgò. Ẹ kò lè yọ ewé kan láì fa ọ̀pá náà ya.

Ẹ wo àárín rẹ̀. Kò sí òpó tó yọ síta. Ẹ óò rí nǹkan wẹ́wẹ́ kan bí ìṣẹ́tí aṣọ, tó yí ẹnu ihò náà ká, tó ní àwọ̀ kan náà pẹ̀lú ewé òdòdó. Akọ òdòdó márùn-ún ló wà nísàlẹ̀ nínú ihò, wọ́n sì fi orí kan orí, wọ́n fara pamọ́. Ẹ wo abẹ́ òdòdó: ago kékeré wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òṣùká kò sí.

Ewé igi rẹ̀ náà yàtọ̀. Ewé lọ́ríyé-róòsì gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì le bí awọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n máa ń jáde láti ojú kan náà lára ẹ̀ka. Ewé ibísíkúsì gbòòrò, etí rẹ̀ ní eyín bí ayùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ń jáde.

Àwọn òdòdó ìyeyè méjì kan wà tí wọ́n jẹ́ ìbátan lọ́ríyé-róòsì. Ọ̀kan ni alamáńdà, tí òdòdó rẹ̀ tóbi bí ẹnu fèrè, tó sì máa ń fà lórí ọgbà. Èkejì ni lọ́ríyé ìyeyè, tí ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tí èso rẹ̀ tutù, tí kóró líle kan sì wà nínú èso náà. Àwọn méjèèjì náà ní ọ̀pá oníhò ní ìsàlẹ̀ òdòdó, wọn kò sì ní òpó láàárín. Tí ẹ̀ka wọn bá ṣẹ́, oje funfun bí wàrà máa ń jáde. Alamáńdà máa ń mú ènìyàn bì, ó sì máa ń ṣu ènìyàn gidigidi. Kóró lọ́ríyé ìyeyè burú jù ú lọ, nítorí pé oró rẹ̀ ń mú ọkàn bíi ti lọ́ríyé-róòsì.

4. Ẹ jẹ́ kí a dán an wò

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé wọ́n já òdòdó mẹ́ta wá fún yín láti inú ọgbà kan, ẹ sì fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ ibísíkúsì. Ẹ tẹ́ wọn sórí bébà. Ìbéèrè mẹ́ta ni ẹ óò bi òdòdó kọ̀ọ̀kan.

Ìbéèrè kìíní: Ṣé ewé òdòdó yà títí dé ìdí, àbí ó lẹ̀ pọ̀ di ọ̀pá oníhò?

Ìbéèrè kejì: Ṣé òpó kan ṣoṣo wà láàárín, tí okùn akọ yọ lára rẹ̀?

Ìbéèrè kẹta: Ṣé òṣùká wà lábẹ́ ago?

Òdòdó kìíní pupa bí aró osùn. A wò ó láti ẹ̀gbẹ́: ewé márùn-ún lẹ̀ pọ̀ nísàlẹ̀. Àárín rẹ̀ ní ìṣẹ́tí, kò ní òpó. Abẹ́ rẹ̀ kò ní òṣùká. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kì í ṣe ibísíkúsì. Ẹ gbé e sọnù síbi tí ọmọdé àti ewúrẹ́ kò lè dé, kí ẹ sì fọ ọwọ́ yín pẹ̀lú ọṣẹ.

Òdòdó kejì pupa pẹ̀lú ìyeyè. Ewé rẹ̀ márùn-ún yà títí dé ìdí. Ohun kan yọ síta láàárín rẹ̀, ó gùn, ó sì pupa. Ẹni tó bá ń kánjú lè sọ pé òpó nìyẹn. Ẹ wò ó dáadáa. Kì í ṣe ọ̀kan. Okùn akọ mẹ́wàá ni, kálukú dá dúró láti ìdí dé orí, ọwọ́ sì lè yà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Abẹ́ rẹ̀ kò ní òṣùká. Èyí kì í ṣe ibísíkúsì. Igi kékeré ẹlẹ́gùn-ún kan ni tí wọ́n ń gbìn sí iwájú ilé, èso rẹ̀ sì dà bí páálí ẹ̀wà. Èyí kọ́ wa pé kí nǹkan gùn jáde láàárín òdòdó kò tó. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ òpó kan ṣoṣo.

Òdòdó kẹta funfun. Ewé rẹ̀ márùn-ún yà. Òpó kan wà láàárín, okùn akọ pọ̀ lára rẹ̀, orí márùn-ún wà lókè. Ago wà lábẹ́ rẹ̀, òṣùká sì wà lábẹ́ ago. Bẹ́ẹ̀ ni ni ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ibísíkúsì nìyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pupa.

5. Òdòdó tí ewé rẹ̀ pọ̀ jù

Ibì kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣì í mọ̀. Ibísíkúsì kan wà tí ewé òdòdó rẹ̀ kì í ṣe márùn-ún. Ó pọ̀ gan-an, ó sì kún bí gèlè tí a wé. Lọ́ríyé-róòsì pẹ̀lú ní irú tirẹ̀ tó kún bẹ́ẹ̀. Tí àwọn méjèèjì bá pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ojú lásán kò lè tètè yà wọ́n.

Kí ló fà á tí ewé fi pọ̀? Nínú ibísíkúsì tó kún, okùn akọ ló yí padà di ewé òdòdó. Nítorí náà, òpó lè kúrú tàbí kí ó fara pamọ́, ẹ ó sì rò pé kò sí. Ẹ fi abẹ bẹ́ òdòdó náà sí méjì láti orí dé ìdí. Ẹ óò rí i pé àwọn ewé inú ń jáde láti ara igi kan tó wà láàárín. Ìyẹn ni òpó tó ṣẹ́ kù. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ óò tún rí ewé kan tó ṣì gbé lẹ́búlẹ́bú díẹ̀ sí etí rẹ̀, nítorí pé akọ ni tẹ́lẹ̀.

Tí ẹ kò bá ní abẹ, ẹ yí i padà. Bí ewé òkè bá tilẹ̀ pọ̀ tó, abẹ́ kì í yí padà: ago àti òṣùká ṣì wà níbẹ̀. Lọ́ríyé-róòsì tó kún kò ní òṣùká, ewé igi rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́.

6. Ohun tí àmì yìí kò lè sọ fún wa

Òpó ń sọ ẹbí tí òdòdó ti wá. Kò sọ pé ẹ lè jẹ ẹ́. Òwú ní òpó bíi ti ilá, síbẹ̀ kóró òwú tútù ní nǹkan tó ń pa ènìyàn àti ẹran lára. Nítorí náà, tí ẹ bá rí òpó lára òdòdó tí ẹ kò mọ̀ rí, ẹ kàn lè sọ pé: «Ìbátan ilá nìyí.» Ẹ kò tíì lè sọ pé: «Ẹ jẹ́ kí a sè é.»

Èkejì, àmì yìí kò ṣiṣẹ́ lára òdòdó gbígbẹ tó ti fọ́. Tí wọ́n bá ń ta ewé òdòdó pupa gbígbẹ fún yín ní ọjà, tí ẹ kò rí ago, tí ẹ kò rí òpó, kò sí ohun tí ẹ lè fi dá a mọ̀. Lọ́ríyé-róòsì gbígbẹ ṣì ní oró. Ẹ ra bísápù tí ago rẹ̀ ṣì pé, tí ẹ lè ka eyín rẹ̀ márùn-ún.

Ẹ̀kẹta, ẹ má fi oje nìkan dán òdòdó wò. Òtítọ́ ni pé ewé ibísíkúsì máa ń yọ̀ bí ilá tí a bá rún un, àti pé oje wàrà jẹ́ ìkìlọ̀. Ṣùgbọ́n oje lọ́ríyé-róòsì kì í fi gbogbo ìgbà funfun. Ẹni tó bá ń wá wàrà lè má rí i, oró sì wà níbẹ̀.

7. Tí ẹnì kan bá jẹ lọ́ríyé-róòsì

Gbogbo ara igi náà ló ní oró: ewé, òdòdó, èèpo, gbòǹgbò àti èso. Èéfín rẹ̀ pàápàá kò dára. Ẹ má fi ẹ̀ka rẹ̀ dáná, ẹ má sì fi ṣe igi tí a ń fi yan ẹran.

Ẹni tó jẹ ẹ́ lè máa bì, kí inú máa run ún, kí ó máa ṣu. Òyì lè máa kọ́ ọ. Ọkàn rẹ̀ lè máa lù díẹ̀díẹ̀ tàbí kí ó máa lù ségesège. Ẹ má dúró kí ẹ tó rí àwọn àmì wọ̀nyí, nítorí pé wọ́n lè pẹ́ kí wọ́n tó yọ. Ẹ yọ ohun tó kù lẹ́nu rẹ̀, kí ẹ fi omi fọ ẹnu rẹ̀. Ẹ má fi ipá mú un bì. Ẹ má rọ epo pupa fún un: epo kì í pa oró yìí, ó sì lè gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ ṣẹ́ ẹ̀ka kan tó ní òdòdó àti ewé, kí ẹ dì í sínú ọ̀rá, kí ẹ sì mú un dání. Nọ́ọ̀sì tàbí dókítà yóò fi í mọ ohun tí ẹni náà jẹ.

Ẹ jẹ́ kí a jíròrò

1. Kí ló dé tí àwọ̀ òdòdó kò fi tó láti dá ibísíkúsì mọ̀?

2. Ẹ já òdòdó ilá kan wá sí kíláàsì. Ẹ fi ewé òdòdó, òpó, okùn akọ àti orí abo han ara yín.

3. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín òpó kan ṣoṣo àti okùn akọ mẹ́wàá tó dá dúró?

4. Ẹnì kan já òdòdó pupa tó kún wá, kò rí òpó láàárín rẹ̀. Ibo ni kí ó tún wò kí ó tó sọ̀rọ̀?

5. Ẹ rìn yí ọgbà ilé ìwé tó wà nítòsí yín ká. Òdòdó mélòó ló ní òpó? Mélòó ló ní ọ̀pá oníhò? Tí lọ́ríyé-róòsì bá wà níbẹ̀, ta ni ẹ óò bá sọ ọ́, kí wọ́n lè gbé e kúrò níbi tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré?